Kí ẹ tó san owó ṣọ́ọ̀bù Akọ́bọ̀

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń ta pófísàn ní Òjòó, n'Íbàdàn, ọdún kẹfà rèé. Ọjà ń tà dáadáa, nǹkan bíi ₦4,000,000 ni mò ń tà lóṣù, ọmọbìnrin kan ló sì ń bá mi tajà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù kan hàn mí ní Akọ́bọ̀, ₦600,000 lọ́dún, ọdún méjì ni lánlọ́ọ̀dù fẹ́ gbà pọ̀. ₦2,500,000 ni mo ní ní báńkì. Ọkọ mi ní kí n ṣì mú sùúrù, ọ̀rẹ́ mi ní bí mi ò bá tètè gbà á, ẹlòmíì á gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé àsìkò ti tó?”

Ọ̀rọ̀ “ẹlòmíì á gbà á” yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí àwọn ájẹ́ńtì ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí èyí bá lọ, òmíràn á tún ṣófo ní Akọ́bọ̀. Ohun tó yẹ ká tú wò ni èrè tí Òjòó ń mú wá, torí òun ni yóò máa bọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun títí tí yóò fi lè bọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọlọ́jà pófísàn ṣírò owó nílùú yìí, ohun tí mo sì ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni pé owó tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá ni wọ́n máa ń kà. Èyí tó ń kù sọ́wọ́, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ iye tó jẹ́.

Pófísàn kì í ṣe ọjà tó lérè rẹpẹtẹ. Bí ẹ bá da ṣúgà, íńdómì, mílíìkì, ọṣẹ àti bisikíìtì pọ̀, nǹkan bíi ₦10 ló máa ń jẹ́ èrè nínú ₦100 tí ẹ bá tà, nígbà míì kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ìwé yín, nítorí náà iye tí mo máa ń bá lọ́dọ̀ àwọn tí ọjà wọn tó tiyín ni mo fẹ́ fi ṣírò. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á. Èrè orí ₦4,000,000 jẹ́ ₦400,000. Nínú rẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù oṣù kan, owó ọmọ tó ń bá yín tajà, owó iná àti epo jẹnẹrétọ̀, owó mọ́tò tó ń kó ọjà wá, owó láílọ́ọ̀nù, owó ẹgbẹ́ àti ti káńsù ti ń jáde. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo rẹ̀ ní ₦160,000. Ó ku ₦240,000. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá ìṣirò dúró, tí wọ́n á ní àwọn ń jèrè ₦240,000 lóṣù.

Ó ṣì ku ohun méjì tí a kò tíì yọ. Èkíní ni owó iṣẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ ń jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀yin lẹ ń lọ ra ọjà, ẹ̀yin lẹ ń gba gbèsè, ẹ kò sì sanwó fún ara yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọjá sí Akọ́bọ̀, ẹnì kan ni yóò jókòó sí àyè yín ní Òjòó, kò sì ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yọ ₦80,000 fún un. Èkejì ni mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ tí ẹ ń mú látorí káńtà lọ sílé láìkọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí ilé tí ìyẹn ti ju owó ṣọ́ọ̀bù lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sí ₦40,000. Ohun tó kù fún ṣọ́ọ̀bù náà gan-an jẹ́ ₦120,000. Iye yìí ni ẹ máa mú lọ sí Akọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ òdo ló kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó iṣẹ́ yín, a jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ ní, ẹ kò tíì ní òwò tó lè bímọ.

Ohun tó tún ń tan àwọn ọlọ́jà jẹ láti ọdún 2023 ni iye owó ọjà tó ń fò sókè. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún náà, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà, owó tí à ń rí lójúmọ́ ti pọ̀ sí i lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́jà, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń rì. Ẹ wo àpò ṣúgà mẹ́wàá. Ká ní ₦70,000 lẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ tà á ní ₦72,000. Ẹ ti jèrè ₦20,000, ₦720,000 ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ padà dé ọ̀dọ̀ dístríbútọ̀, ó ní ó ti di ₦73,000. Àpò mẹ́sàn-án péré ni owó yín lè rà, ₦63,000 tó ṣẹ́ kù kò sì tó ra ìkẹwàá. Nínú ìwé, ẹ jèrè. Nínú sítọ̀ọ̀, àpò kan ti lọ. Bí ẹ bá wá kó ₦20,000 yẹn sí àkáǹtì pé èrè ni, tí ẹ fi í gba ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà Òjòó lẹ fi gbà á.

Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn ka ọjà rẹ̀ ní páálí àti ní àpò, kó tó kà á ní náírà. Ẹ mú ọjà mẹ́wàá tó ń tà jù ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ ka iye páálí tó wà nílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ gbèsè tí ẹ jẹ dístríbútọ̀ àti èyí tí àwọn oníbàárà jẹ yín. Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́rin. Bí páálí bá ń pọ̀ sí i, tàbí tí kò yẹ̀ nígbà tí owó báńkì ń gòkè, tí gbèsè dístríbútọ̀ kò sì pọ̀ sí i, òwò yín ń dàgbà lóòótọ́. Bí ṣọ́ọ̀bù bá kún ṣùgbọ́n tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọjà àwìn, ẹni tó ni ọjà náà lè pè yín lọ́jọ́ kan pé òun ń fẹ́ owó òun lọ́sẹ̀ yìí. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì kì í lè tètè rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ.

Àmì mìíràn wà lẹ́nu àwọn oníbàárà yín, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìwé kékeré kan sórí káńtà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohun tí kò sí, ẹ kọ ohun náà. Ẹni tó bá ra páálí, ẹ bi í léèrè ibi tó ń kó o lọ. Bí àwọn èèyàn bá ń padà lófo torí pé ọjà ò sí, ṣọ́ọ̀bù kejì kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀; owó ọjà ni. Ó ṣeé ṣe kí ₦1,000,000 tí ẹ bá fi kún ọjà Òjòó mú èrè wá ju Akọ́bọ̀ lọ, láìsan owó ilé kankan. Bí ó bá wá jẹ́ pé àwọn tó ní kíóósì ní Akọ́bọ̀ àti àyíká rẹ̀ ló ń wọ mọ́tò wá kó páálí lọ́dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ ti ní oníbàárà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tí wọ́n bá ń rà ní Akọ́bọ̀, wọn ò ní wá rà á ní Òjòó mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦4,000,000 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunnú.

Ẹ̀yin kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ gbọ́ jù lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ṣakí tó ṣòwò ní Gánà, kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò lọ́dún 1969, ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà ń tàn ká ni pé ọmọ tàbí àbúrò á kọ́kọ́ sin ẹ̀gbọ́n fún ọdún bíi mélòó kan, á mọ ọjà, á mọ oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́ lójú ọ̀gá, kí wọ́n tó di ẹrù fún un pé kó lọ sí ìlú míì. Èèyàn ló ń ṣáájú, ṣọ́ọ̀bù a tẹ̀ lé e. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù la máa ń gbà, tá a ti kùn ún, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bóyá wọ́n mọ ọmọ kan tó lè bá wa tajà.

Nítorí náà, ẹ dán Òjòó wò ná. Ẹ yan ọ̀sẹ̀ méjì tí kì í ṣe àsìkò ọdún, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́. Ẹ lè máa pè é lórí fóònù, ẹ lè bá a fi ọjà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe débẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀yin àti òun jọ ka gbogbo ọjà pátá, ní iye tí ẹ rà á. Ká ní ó jẹ́ ₦2,100,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, ọjà tí ẹ fi ránṣẹ́ jẹ́ ₦1,600,000. Ẹ padà dé, ẹ jọ kà á, ó ku ₦1,900,000. Ọjà tó jáde nìyẹn ní ₦1,800,000 owó tí ẹ rà á. Bí èrè bá jẹ́ ₦10 nínú ₦100 tí ẹ tà, ₦2,000,000 ló yẹ kó wọlé. Ẹ wá ro owó tó wà nílẹ̀ pọ̀ mọ́ tíránsífà àti ti pí-ó-ẹ́ẹ̀sì: ₦1,900,000. Ìwé gbèsè: ₦60,000. Àpapọ̀ ₦1,960,000. ₦40,000 ti rìn.

Lójú ẹni tó ń wo ₦2,000,000, ₦40,000 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n èrè ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lápapọ̀, kí ẹ tó yọ ìnáwó kankan, ₦200,000 ni. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló lọ yẹn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, kò ní sí ₦120,000 kankan mọ́.

Ẹ má kàn pariwo olè sí ọmọ náà. Ẹ wá ojú ihò. Nígbà míì, àlàátì èké ni: oníbàárà fi fóònù hàn án pé òun ti sanwó, owó kò sì wọlé. Nígbà míì, ṣéńjì ni, tàbí àwìn tí kò kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ní pófísàn, tí kíkà ọjà yẹn pàápàá kò lè fi hàn, ni páálí tí wọ́n tú. Ká ní páálí íńdómì jẹ́ ₦9,000 fún ẹni tó bá rà á lódindi, tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ ₦250, tí ogójì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tú u tà lẹ́yọ ẹyọ á rí ₦10,000. Tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ta páálí kan ní ₦9,000, ọjà pé, owó pé, ₦1,000 sì ti wọ àpò rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ka páálí òfìfo àti láílọ́ọ̀nù: bí ìwé bá ní páálí lódindi ni wọ́n ń tà ṣáá, tí páálí òfìfo wá kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ń tú u. Àwọn míì tún wà tó ń kó ọjà tiwọn wá síbẹ̀, tí wọ́n á kọ́kọ́ ta tiwọn kí wọ́n tó ta ti ọ̀gá. Irú ìyẹn kì í yọ nínú kíkà rárá. Ọjà kan tó ń tà tẹ́lẹ̀ á kàn ṣàdédé dákẹ́.

Ká wá lọ sí Akọ́bọ̀. Ọdún méjì jẹ́ ₦1,200,000. Owó ájẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì, ká fi wọ́n sí ₦240,000. Ṣẹ́ẹ̀fù, káńtà, ọ̀dà, wáyà iná àti fíríìjì àlòkù kan, kò lè dín ní ₦450,000. Nínú ₦2,500,000 yín, ₦610,000 ló kù fún ọjà, ẹ kò sì tíì fi kọ́bọ̀ kan pamọ́. Ẹ mọ bí ₦610,000 ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù pófísàn lóde òní: ìlà iwájú á kún, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣófo. Ẹni tó bá wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, tí kò bá ohun tó ń fẹ́, kì í padà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á lọ kó lára ọjà ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Láìpẹ́, ìdajì ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ń tà, owó ilé méjì ni wọ́n sì ń san. Ewu tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì máa ń pa èyí tó dára kó tó pa èyí tí kò dára.

Ìnáwó oṣooṣù ibẹ̀ ńkọ́? Owó ilé tó kan oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦50,000. Ẹni tó ń bójú tó o, ₦60,000. Iná àti epo, ₦30,000. Mọ́tò, ₦25,000. Láílọ́ọ̀nù àti owó ẹgbẹ́, ₦10,000. Ó di ₦175,000. Pẹ̀lú èrè ₦10 nínú ₦100, ẹ gbọ́dọ̀ ta ₦1,750,000 lóṣù kí ṣọ́ọ̀bù náà tó lè gbé ara rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi ₦67,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò ní tà tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Bí ó bá ta ìdajì rẹ̀, ₦87,500 ni ẹ máa fi kún un lóṣù láti Òjòó, lára ₦120,000 yẹn. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó há. Oṣù méjì tí Òjòó kò bá tà dáadáa, tàbí tí dístríbútọ̀ bá ní òun kò ta láwìn mọ́, ibẹ̀ ni yóò ti dojú rú.

Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gba ṣọ́ọ̀bù yẹn ní ọdún méjì. N ó kọ́kọ́ bá lánlọ́ọ̀dù sọ ọ́ sí ọdún kan, kódà bí ó bá fi ₦50,000 lé e. Iye tí ẹ ń fi kún un yẹn ni ẹ fi ń ra àyè láti jáde, ₦600,000 kejì á sì di ọjà lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Bí ó bá kọ̀, n ó fi í sílẹ̀. Ọ̀nà kejì kò ní ariwo nínú: ẹ máa gbé ọjà lọ bá àwọn oníkíóósì Akọ́bọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí ẹ máa fi mọ́tò kan gbé páálí fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì, owó lọ́wọ́ ọjà lọ́wọ́. Ẹ ó mọ iye tí wọ́n ń rà, ọjà tí wọ́n ń béèrè tí kò sí ní Òjòó, àti bóyá wọ́n ń sanwó. Bí ọjà tí ẹ bá tà bẹ́ẹ̀ bá sún mọ́ ₦900,000 lóṣù, ẹ ti ní ìdajì ohun tí ṣọ́ọ̀bù náà nílò kí ẹ tó san owó ilé. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé oníbàárà tuntun ló pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe àwọn tó ń wá sí Òjòó tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ní àbùkù tirẹ̀: owó mọ́tò ń jẹ èrè, kò sì ní sọ fún yín bí àwọn tó ń ra ẹyọ kan, méjì, yóò ṣe máa wọlé, àwọn yẹn ló sì ń mú èrè tó nípọn díẹ̀ wá. Bí ẹ bá wá rí i nínú ìwé kékeré yẹn pé àìsí ọjà ló ń lé èèyàn lọ ní Òjòó, ẹ gba sítọ̀ọ̀ kékeré sí ẹ̀yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kó ọjà sí i, kí ẹ gbàgbé Akọ́bọ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn ìdánwò yìí ní ibi tí agbára wọn mọ. Bí ẹ bá ṣe wọ́n láàárín oṣù kọkànlá sí Kérésìmesì, tàbí nígbà tí àwọn ọmọ ń wọlé ìwé, ọjà á tà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kò sì sí ìdánwò tó lè sọ fún yín pé ẹni tó ní owó jù yín lọ kò ní ṣí sí iwájú yín ní oṣù mẹ́ta. Ọmọ tó bá ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ó mọ̀ pé ẹ ń dán òun wò, ẹ kò tíì mọ bí yóò ṣe rí ní oṣù kẹfà. Ìdí nìyẹn tí kíkà ọjà kò fi gbọ́dọ̀ dúró. Lóṣooṣù ni, ní ọjọ́ tí òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ yín àti ọ̀rẹ́ yín, ẹ kó ìṣirò yìí síwájú àwọn méjèèjì. Bí páálí bá ń pọ̀ sí i fún oṣù mẹ́rin, tí ohun tó rìn ní ọ̀sẹ̀ méjì kò ju ₦15,000 tàbí ₦20,000 lọ, tí ẹ sì lè gba ṣọ́ọ̀bù, kó ọjà tó tó ₦1,200,000 sí i, kí owó oṣù mẹ́fà tí ẹ máa fi dí i ṣì wà ní báńkì láìfọwọ́ kan Òjòó, èmi náà á ní kí ẹ lọ. Bẹ́ ẹ ṣe wà yìí, owó ọjà àti owó ìpamọ́ yẹn kò tíì pé.

Tí ẹ bá sì máa lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lọ ní aago méje alẹ́ ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ jókòó sí iwájú rẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ ka àwọn tó ń kọjá pẹ̀lú ọjà lọ́wọ́. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè báǹdì tí táńsífọ́mà wọn wà, torí láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fowó kún iná báǹdì A, ₦30,000 tí mo kọ fún iná lè máà tó bí ẹ bá fẹ́ ta omi tútù àti mínírà. Kí ẹ sì bi ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé kí ló gbé ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀ kúrò. Ẹ má bi ájẹ́ńtì.